Rìkúrútà ní iṣẹ́ wà ní UK: bí ẹ ṣe máa bèèrè ọ̀rọ̀ físà àti owó ìkólọ kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan

Ibi tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣubú nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ìntáfíù rárá o. Wọ́n á ṣe ìntáfíù ọ̀hún dáadáa, rìkúrútà á ní àwọn ọ̀gá fẹ́ràn wọn, inú á dùn, wọ́n á wá bèèrè pé "ṣé ẹ máa ṣe sípọ́ńsọ̀ mi?", rìkúrútà á ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Ó di ìgbà tó bá yá kí wọ́n tó mọ̀ pé "bẹ́ẹ̀ ni" yẹn ò ju pé kọ́ńpìnì máa fún wọn ní nọ́ńbà kan lọ. Owó físà, owó ìlera tí ìjọba UK ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba físà, tíkẹ́ẹ̀tì, ilé tí wọ́n máa kọ́kọ́ sùn, gbogbo ẹ̀, ọrùn wọn ló wà. Ẹlòmíì á sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ l'Álágbàká, l'Àkúrẹ́, kó tó mọ̀.

Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ ká máa bi wọ́n ni pé ta ló máa san kí ni, ìgbà wo ló máa san án, ibo ni wọ́n kọ ọ́ sí. Físà Skilled Worker ti UK ni mo máa lò níbí torí òun ni rìkúrútà máa ń gbé wá bá àwọn èèyàn Àkúrẹ́ jù, orílẹ̀-èdè míì ní òfin tiẹ̀. Iye owó tí mo kọ jẹ́ ti 2025, wọ́n sì máa ń yí i padà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí GOV.UK, ìkànnì ìjọba UK, lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀ kí ẹ tó dá rìkúrútà lóhùn

Páásípọ́ọ̀tù tí àsìkò ẹ̀ ò tíì fẹ́ẹ́ parí. Orúkọ kọ́ńpìnì tó ń gbani síṣẹ́ gan-an, kì í ṣe orúkọ rìkúrútà. Iye èèyàn tí ẹ máa kó lọ, ìyàwó tàbí ọkọ, ọmọ mélòó, àti ọjọ́ orí wọn. Ìwé kan tí ẹ máa kọ gbogbo ìdáhùn sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dáhùn. Ímeèlì tó ṣeé fi ránṣẹ́ sí àwọn àgbà, kì í ṣe èyí tí ẹ ṣí nígbà tí ẹ wà ní sẹ́kọ́ńdírì.

1. Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ kọ́ńpìnì nínú ìwé ìjọba

Ìjọba UK ní ìwé kan lórí GOV.UK tó ń jẹ́ "Register of licensed sponsors: workers". Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè wà á sórí fóònù, ó rí bíi táàbù gígùn kan. Kọ́ńpìnì tí ò bá sí nínú ẹ̀ ò lè ṣe sípọ́ńsọ̀ ẹnikẹ́ni lónìí, ohun yòówù kí rìkúrútà sọ. Wọ́n lè ní àwọn máa gba láísẹ́ńsì, ó ṣeé ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ má fi ìlérí yẹn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Tí ẹ bá rí orúkọ wọn, ẹ wo nǹkan méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Àkọ́kọ́, kó jẹ́ "Worker (A rating)". Èkejì, kí ọ̀nà tí wọ́n kọ jẹ́ "Skilled Worker". Àwọn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà, tàbí kí wọ́n kàn lè gbé òṣìṣẹ́ tiwọn láti ẹ̀ka ilẹ̀ òkèèrè wọlé. Ìyẹn ò kàn yín.

Ibi tí èèyàn ti ń ṣìṣe níbí: orúkọ tó wà lórí pátákó kọ́ńpìnì àti orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba lè yàtọ̀. Tí ẹ ò bá rí wọn, ẹ má tíì pariwo olè, ẹ bi rìkúrútà pé "kí ni orúkọ kọ́ńpìnì yìí nínú ìwé ìjọba?", kí ẹ wá a lẹ́ẹ̀kan sí i. Rìkúrútà fúnra ẹ̀ kọ́ ló máa jẹ́ sípọ́ńsọ̀ yín o, ẹni tí ẹ fẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Ẹni tó bá ní ilé iṣẹ́ àwọn tó ń báni wáṣẹ́ ló máa ṣe sípọ́ńsọ̀, tí wọ́n á wá máa yá yín fún ilé iṣẹ́ míì, ẹ sá.

Tó bá sì bèèrè owó láti bá yín wá iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Òfin UK ti 1973 lórí àwọn tó ń báni wáṣẹ́ ò gbà kí wọ́n gba owó ìwáṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́, kọ́ńpìnì ló ń san tiwọn.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní àwòrán ìlà tí orúkọ kọ́ńpìnì wà nínú ìwé yẹn, orúkọ yẹn sì bá èyí tó wà nínú ímeèlì wọn mu. Tí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ má lọ sí ìkejì.

2. Ẹ bèèrè kóòdù iṣẹ́ àti owó oṣù kí ẹ tó ṣe ìntáfíù kejì

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé tí àwọn bá tètè sọ̀rọ̀ físà, kọ́ńpìnì á sá. Èrò tèmi ni pé èyí tó máa sá, kó tètè sá. Ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu yín lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iṣẹ́ àti owó tán nínú ìpè àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ wá là á mọ́lẹ̀: Nàìjíríà ni mo wà, màá nílò sípọ́ńsọ̀ Skilled Worker, ṣé ọ̀gá tó fẹ́ gbani fún iṣẹ́ yìí gan-an ti fọwọ́ sí i? Ẹ kíyè sí "iṣẹ́ yìí gan-an". Kọ́ńpìnì lè ní láísẹ́ńsì kí ọ̀gá ẹ̀ka sì ní òun ò fẹ́ wàhálà físà.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e làwọn èèyàn kì í mọ̀ ọ́n bi: kóòdù iṣẹ́ wo ni wọ́n máa fi mí sí? Gbogbo iṣẹ́ ní kóòdù onínọ́ńbà mẹ́rin, kóòdù kọ̀ọ̀kan sì ní iye owó ọdún tí ìjọba ní kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ jùyẹn lọ. Láti July 22, 2025, iye gbogbogbò jẹ́ 41,700 pọ́n-ùn lọ́dún. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ga jù láàárín iye gbogbogbò àti iye kóòdù yín ni wọ́n máa lò, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi àbúrò ìyàwó mi ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ FUTA ni, ó ń kọ sọ́fítíwíà. Rìkúrútà kan bá a sọ̀rọ̀ iṣẹ́ kan ní Manchester, 45,000 pọ́n-ùn lọ́dún. Gbogbo wa ní ó ti kọjá 41,700, ó ti jẹ́ ẹ́. Ó bi wọ́n ní kóòdù, wọ́n ní 2134, ó wo táàbù lórí GOV.UK, ó rí i pé iye ti kóòdù yẹn ga ju 45,000 lọ dáadáa. Ọ̀nà àbáyọ kan wà fún ẹni tí ò tíì pé ọdún 26, wọ́n lè gba owó tó kéré díẹ̀ fún un torí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ti lé ní 30, ó níyàwó, ó bí ọmọ kan. Ó kọ̀wé sí rìkúrútà pé owó yìí ò lè gba físà, ó fi ojú ìwé GOV.UK so mọ́ ọn. Rìkúrútà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá padà pẹ̀lú owó tó kọjá iye kóòdù. Ká ní kò bèèrè ni, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́yìn tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ tó wà.

Ẹ tún wo wákàtí iṣẹ́. Wákàtí 37.5 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò iye kóòdù wọ̀nyẹn, tí kọ́ńtíráàtì yín bá jẹ́ 40 wákàtí, iye kóòdù yẹn á gòkè pẹ̀lú ẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní kóòdù, owó ọdún àti wákàtí nínú ímeèlì, owó náà ò sì kéré sí èyí tó ga jù nínú iye méjèèjì. WhatsApp nìkan ò tó o, ẹ kọ ọ́ padà sí wọn nínú ímeèlì pé "gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ ọ́ lónìí", kí wọ́n dáhùn bẹ́ẹ̀ ni.

3. Ẹ ṣírò owó náà kí ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ kí wọ́n ràn yín lọ́wọ́

Ẹni tó bá ní "ṣé ẹ lè ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀", díẹ̀ náà ni wọ́n máa fún un. Ẹ mú iye lọ síbẹ̀.

Físà ọdún mẹ́ta láti òde UK jẹ́ 769 pọ́n-ùn lórí ẹnì kan ní 2025, ọmọ àti àgbà. Owó ìlera jẹ́ 1,035 lọ́dún fún àgbà, 776 lọ́dún fún ọmọ tí ò tíì pé 18, tí gbogbo ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ sísan lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù. Tó fi jẹ́ pé fún àbúrò ìyàwó mi, owó ìlera ọdún mẹ́ta jẹ́ 3,105, ẹ fi 769 kún un, ó di 3,874. Ìyàwó ẹ̀ náà 3,874. Ọmọ jẹ́ 2,328 pẹ̀lú 769, 3,097. Àpapọ̀ ẹ̀ 10,845 pọ́n-ùn. Wọn ò tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì o, wọn ò tíì lọ fún àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọn ò tíì sanwó ìdánwò èdè. Àti àyẹ̀wò yẹn àti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ka fún físà, kò sí ìkankan l'Àkúrẹ́, Èkó tàbí Àbújá lẹ máa wọkọ̀ lọ, ẹ ṣírò ìyẹn náà.

Owó kan tún wà tí wọ́n máa fẹ́ rí nínú báńkì, 1,270 pọ́n-ùn tó ti jókòó níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko, pẹ̀lú 285 fún ìyàwó tàbí ọkọ àti 315 fún ọmọ àkọ́kọ́. Kọ́ńpìnì tó jẹ́ A rating lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí pé àwọn máa gbọ́ bùkátà yín fún oṣù àkọ́kọ́, ẹ ò wá ní nílò láti fi owó hàn mọ́. Kọ́ńpìnì ò ní ná kọ́bọ̀ kankan láti fi àmì sí i, torí náà ẹ má tijú bèèrè ẹ̀, ẹ rí i pé ó kan ìdílé yín náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ ní àpapọ̀ kan tí ẹ lè kà sókè láì wo ìwé, ẹ sì mọ èyí tó jẹ́ tìjọba nínú ẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ti ìrìnàjò.

4. Ìbéèrè márùn-ún, nínú ímeèlì kan ṣoṣo

Àsìkò tó dáa jù láti fi èyí ránṣẹ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ti ní àwọn fẹ́ yín, tí ẹ ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ṣáájú ìyẹn, wọn ò tíì pinnu. Lẹ́yìn ìyẹn, agbára yín ti kéré. Ẹ fi òyìnbó tó ń jáde lẹ́nu yín kọ ọ́, kó kúrú:

Ṣé kọ́ńpìnì ló máa san owó físà àti owó ìlera, témi nìkan ni àbí ti ìyàwó àti ọmọ náà? Ṣé tààrà ni wọ́n máa san án, àbí èmi ni máa kọ́kọ́ san kí wọ́n tó dá a padà? Tíkẹ́ẹ̀tì àti ilé oṣù àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n máa fọwọ́ sọ̀yà lórí owó báńkì yẹn? Tí mo bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láìpẹ́, èló ni mo máa dá padà?

Ìkejì ló máa ń pa àwọn èèyàn wa lára jù. "Ẹ san, a máa dá a padà" dùn létí ẹni tó wà ní London, ṣùgbọ́n ẹni tó wà l'Ọjà Ọba tó ń gba owó oṣù ní náírà, níbo ló ti fẹ́ rí 10,845 pọ́n-ùn ní ọjọ́ kan ṣoṣo? Ká tiẹ̀ ní owó wà, káàdì báńkì lè kọ̀ láti san iye yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣirò ni: mi ò lè kó iye yìí sílẹ̀ láti Nàìjíríà, ṣé a lè lo káàdì kọ́ńpìnì tàbí lọ́yà tó ń bá yín ṣe físà? Kọ́ńpìnì tó ti gba èèyàn láti òkèèrè rí máa mọ ohun tó kàn.

Tí wọ́n bá ní àwọn máa fún yín lówó ìkólọ lápapọ̀, ká ní 5,000 pọ́n-ùn, ẹ bèèrè bóyá inú owó oṣù àkọ́kọ́ ni wọ́n máa pò ó mọ́. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, owó orí máa jẹ nínú ẹ̀, ó sì máa dé lẹ́yìn tí ẹ bá ti ná tàpò yín tán. Òfin owó orí UK gbà kí kọ́ńpìnì san ìnáwó ìkólọ tó bá ìlànà mu tó 8,000 pọ́n-ùn láìsí owó orí, ìyẹn tí wọ́n bá san án fún ohun tí ẹ ná a sí gan-an, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ bi wọ́n pé èwo ni wọ́n ń ṣe.

Ti ilé, ẹ má gbà kí wọ́n ní "ẹ ó rí ilé, ó rọrùn". Ní England, onílé lè gba owó ìdúró tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún pẹ̀lú owó oṣù àkọ́kọ́. Ilé tó bá jẹ́ 1,000 pọ́n-ùn lóṣù, ìdúró ẹ̀ máa tó 1,153, ẹ fi 1,000 kún un, 2,153 kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́. Onílé ò sì mọ̀ yín rí. Tí owó ò bá sí lọ́wọ́ kọ́ńpìnì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní ibi ìsùn fún ọjọ́ 30 àti ìwé tó jẹ́rìí sí owó oṣù yín fún onílé.

*Àyẹ̀wò:* ìbéèrè márààrún ló ní ìdáhùn tó ní iye tàbí ọjọ́ nínú. "A máa ràn yín lọ́wọ́" kì í ṣe ìdáhùn, ẹ dá ìyẹn nìkan padà fún wọn.

5. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ dídá owó padà sí

Ó máa ń wà lójú ìwé tó kẹ́yìn nínú kọ́ńtíráàtì, lẹ́tà ẹ̀ kéré. Ó ní tí ẹ bá kúrò kí ọdún méjì tó pé, ẹ máa dá owó tí wọ́n ná lórí yín padà. Kò burú fúnra ẹ̀, ẹni tó ná owó ń dáàbò bo owó ẹ̀. Ohun tó burú ni kí ó jẹ́ pé tí ẹ bá kúrò ní oṣù 23, gbogbo ẹ̀ lẹ máa dá padà. Ẹ ní kó máa dín kù lóṣooṣù. Nínú 10,845 yẹn, ẹni tó bá lọ lẹ́yìn oṣù 12 nínú 24 máa dá ìdajì padà, 5,422 pọ́n-ùn àti ààbọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé kò kàn yín tó bá jẹ́ àwọn ló dá yín dúró torí iṣẹ́ tán, tàbí tí físà ò bá jáde. Físà tí wọn ò fún yín, ìjọba máa dá owó ìlera padà, owó físà ò ní padà wá, ẹ mọ ẹni tó máa gbé ìyẹn.

Àwọn owó kan wà tí kọ́ńpìnì ò gbọ́dọ̀ gbà padà lọ́wọ́ yín rárá: owó láísẹ́ńsì sípọ́ńsọ̀ wọn, owó nọ́ńbà CoS, ìyẹn Certificate of Sponsorship, tí wọ́n fún yín, àti owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ lórí òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní Immigration Skills Charge. Tí ẹ bá rí ọ̀kan nínú ẹ̀ nínú kọ́ńtíráàtì, ẹ fàlà sí i, ẹ bèèrè. Ó lè jẹ́ ìwé àtijọ́ ni wọ́n kàn da kọ. Ó sì lè jẹ́ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ nìyẹn.

Ẹ má gbàgbé pé físà yìí so mọ́ kọ́ńpìnì kan. Tí iṣẹ́ bá tán, ìjọba sábà máa ń fúnni ní 60 ọjọ́ láti rí sípọ́ńsọ̀ míì tàbí kí èèyàn kúrò. Gbèsè 5,000 àti 60 ọjọ́ pọ̀ fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan náà.

*Àyẹ̀wò:* ẹ lè sọ iye tí ẹ máa jẹ tí ẹ bá lọ ní oṣù kẹfà, ìkejìlá àti ìkejìdínlógún, láti inú ìwé yẹn nìkan, láì pe ẹnikẹ́ni.

6. Nọ́ńbà CoS dé, ẹ má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀

Certificate of Sponsorship kì í ṣe sátífíkéètì tí èèyàn ń gbé kọ́ ògiri. Àkọsílẹ̀ ni nínú kọ̀ǹpútà ìjọba UK, nọ́ńbà ẹ̀ ló máa dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá ń ta ìwé aláwọ̀ mèremère kan fún yín ní mílíọ̀nù mélòó kan, ẹ mọ ohun tó ń ṣe. Kọ́ńpìnì máa ń fi ẹ̀dà àlàyé ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ béèrè fún un kí ẹ sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ páásípọ́ọ̀tù àti kọ́ńtíráàtì. Ẹ wo orúkọ lẹ́tà kan sí ìkejì, torí orúkọ wa gùn, Olúwa inú ẹ̀ ti já lọ́wọ́ wọn rí. Ẹ wo kóòdù, owó ọdún, wákàtí, ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àti bóyá wọ́n fi àmì sí ti owó báńkì. Tí àṣìṣe bá wà, kí kọ́ńpìnì fi àtúnṣe kún un kí ẹ tó kún fọ́ọ̀mù.

Oṣù mẹ́ta péré ni nọ́ńbà yẹn ní kí ẹ fi kún fọ́ọ̀mù, láti ọjọ́ tí wọ́n fún yín. Èsì sábà máa ń jáde láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ka. Tí ìwé ìkúrò níbi iṣẹ́ yín bá gba oṣù kan, ẹ sọ fún kọ́ńpìnì kí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fàyè gba oṣù yẹn *lẹ́yìn* físà, kì í ṣe kí ẹ máa fi àkókò méjèèjì sáré pa pọ̀. Rìkúrútà á máa ti yín, àwọn kan nínú wọn kì í gba owó tiwọn títí ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa ti yín lọ.

*Àyẹ̀wò:* físà ti jáde, orúkọ àti ọjọ́ tó wà lórí ẹ̀ tọ̀nà, kọ́ńpìnì ti kọ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tuntun sínú ímeèlì, tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹni tó máa san án. Ẹ lè wá gbé lẹ́tà ìkúrò lọ fún ọ̀gá yín báyìí.